Bẹ Oníbàárà, Ṣùgbọ́n Má Fọwọ́ Ara Rẹ Kọ Ìdájọ́

Nínú gbogbo lẹ́tà ìtọrọ àforíjì tí mo ti bá àwọn aládìrẹ wa ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, kọ, "ẹ má bínú" kò tíì kó ẹnì kankan sí wàhálà. Gbólóhùn tó ń tẹ̀lé e ni kí ẹ máa ṣọ́. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń sọ ìdí tí ọjà fi pẹ́, tí á dá ara rẹ̀ lẹ́bi, tí á bá oníbàárà ṣírò ohun tó pàdánù, tí á wá ṣèlérí pé òun máa san gbogbo rẹ̀. Kì í ju ìlà méjì lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́ lọ́la, ìlà méjì yẹn ni lọ́yà ẹnì kejì máa kọ́kọ́ kà sókè.

Mo ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Ìbarà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn oníṣòwò bójú tó lẹ́tà àti rìsíìtì wọn. Èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà o. Bí owó tó wà nílẹ̀ bá tóbi, ẹ wá lọ́yà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjà tó ń pẹ́ kì í dé ibi tí a ti ń gba lọ́yà. Ímeèlì kan ni, ọ̀sán ọjọ́ kan náà la sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ká fi ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan yẹ̀ wò.

Obìnrin kan ní Ìlọrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ó ra ogójì àdìrẹ, yáàdì márùn-ún márùn-ún, lọ́wọ́ ìyá kan tó ní ìsọ̀ ní Ìtòkú. ₦14,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦560,000, ó sì san ₦18,000 fún gbígbé ẹrù. Orí Wọ́ọ̀sáàpù ni wọ́n ti ṣàdéhùn. Ìyá ní Ọjọ́bọ̀ ni aṣọ máa kúrò lọ́wọ́ òun, pé Ọjọ́ Ajé ló máa dé Ìlọrin. Ìgbéyàwó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ṣùgbọ́n oṣù Òkúdù ni, òjò kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ, Sátidé ni ìyá tó kó o fún ilé-iṣẹ́ akẹ́rù. Akẹ́rù gbà á, ó sì dákẹ́. Ọjọ́ Ajé kọjá. Ní Ọjọ́rú, obìnrin náà pe Ìtòkú, ó ní télọ̀ òun ti ń retí aṣọ. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí.

Ọmọ tí ìyá yìí bí ti kọ ímeèlì sílẹ̀ kí n tó dé. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni, ojú sì ń tì í gan-an:

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀bi wa ni pátápátá. A fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré, a ò tètè pa aṣọ láró. Akẹ́rù tí a lò yìí náà, a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kì í yára. A ti ba ìgbéyàwó yín jẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ bá pàdánù, a ó san án."

Ìrẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, mi ò kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà pẹ̀lú ojú ẹni tó fẹ́ gbowó. "A fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré" ń sọ pé wọn kò bìkítà, bẹ́ẹ̀ òjò ló pa aṣọ, kò sẹ́ni tó ṣeré. "A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀" ń sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹrù fún ẹni tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun kàn gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan lọ́jà ni. "A ti ba ìgbéyàwó yín jẹ́", ìgbéyàwó tí kò tíì dé! "Gbogbo ohun tí ẹ bá pàdánù" wá ni ó burú jù, nítorí ìlérí tuntun ni. Kò sí nínú àdéhùn tí wọ́n ti ṣe, kò ní iye, kò sì ní òpin.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 la fi ń ṣẹjọ́ nílẹ̀ yìí. Lójú òfin náà, ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ inú ìwé, títí kan ìwà tó bá ń tọ́ka sí ohun tí a ń jà lé lórí, lè di ìjẹ́wọ́. Ímeèlì àti Wọ́ọ̀sáàpù náà ń wọ ilé ẹjọ́, bí wọ́n bá ti tẹ̀lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀ fún ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde. Òótọ́ ni pé ìjẹ́wọ́ nìkan kì í fi gbogbo ìgbà parí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọ "ẹ̀bi wa ni pátápátá", iṣẹ́ ńlá ló ti kó fún ara rẹ̀, òun ni á máa ṣàlàyé pé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òun ní lọ́kàn. Ní ìlú Ọba, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006 sọ pé ìtọrọ àforíjì nìkan kò tó láti fi ẹ̀sùn àìbìkítà múlẹ̀ lórí ènìyàn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà náà ní irú rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí tiwa kò ya àforíjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá kọ gan-an ló máa gbà wá tàbí kó mú wa.

Mọ̀lẹ́bí ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mosàn fi ẹ̀dà tirẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: "Ilé-iṣẹ́ wa kábàámọ̀ ìnira èyíkéyìí tó bá ṣeé ṣe kí ẹ ti ní. Ohun tó kọjá agbára wa ló fa ìdádúró náà. Kò sí ohun kan nínú lẹ́tà yìí tí a gbọ́dọ̀ kà sí ìjẹ́wọ́ ẹ̀bi."

Èyí ló ń bí oníbàárà nínú jù. Obìnrin tó ti pè, tó ti sọ pé télọ̀ ń retí, ẹ tún ń sọ fún un pé "bó bá ṣeé ṣe kí ẹ ti ní ìnira"? Ẹ̀wẹ̀, lẹ́tà náà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni bó ṣe rò. "Ohun tó kọjá agbára wa" kì í ṣe òótọ́ ní kíkún. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ló ti pẹ́. Fọ́tò aṣọ tó ṣì tutù lórí okùn wà nínú Wọ́ọ̀sáàpù tó fi ránṣẹ́ sí obìnrin náà ní Ọjọ́bọ̀ tó yẹ kí aṣọ kúrò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dá òjò lẹ́bi, kò sí adájọ́ kan nílẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀ ní Òkúdù. Ẹni tó ń dá ọjọ́ fún oníbàárà ní Òkúdù ti yẹ kó ṣírò òjò mọ́ ọn. Tí wọ́n bá mú lẹ́tà yìí àti fọ́tò yẹn dání pọ̀, ohun tó máa hàn ni pé ìsọ̀ ń purọ́. Mo sì mọ̀ pé adájọ́ máa ń fojú fo àṣìṣe, ṣùgbọ́n tó bá ti mú ènìyàn nínú irọ́ kan, kì í gba ìyókù gbọ́ mọ́.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn ńkọ́, èyí tó ń sọ pé kí wọ́n má kà á sí ìjẹ́wọ́? Ohun kan wà tí àwọn lọ́yà máa ń kọ sókè lẹ́tà, pé ohun tí wọ́n sọ kò pa ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lára. Ó ní ibi tó ti ń ṣiṣẹ́: nígbà tí ìjà ti wà nílẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń dúnàádúrà láti parí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀, kí ẹ̀rù má baà máa ba àwọn tó fẹ́ parí ìjà. Ìtọrọ àforíjì lásán kì í ṣe ìdúnàádúrà. Tí ẹ bá lẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ọn lórí, ààbò tó máa fún yín kéré, oníbàárà tí kò ronú ẹjọ́ tẹ́lẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Kí la wá fẹ́ gbà, kí la ò ní gbà? Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: ìlérí tí a ṣe, ìdí tó fi yẹ̀, àti ohun tí ó ná oníbàárà. Ìlérí, tiwa ni, a gbọ́dọ̀ dúró tì í láìfi ọ̀rọ̀ bò ó. Ọjọ́ tí a dá kò ṣeé sẹ́, oníbàárà ní in lọ́wọ́, kò sí ohun tí a pàdánù bí a bá sọ ọ́. Ìdí rẹ̀, ìwọ̀n tí a fojú ara wa rí la máa sọ, ká má fi orúkọ bí "àìbìkítà" tàbí "ẹ̀bi" pè é, ká má sì méfò lórí èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́rù. Ohun tó ná oníbàárà, òun ló mọ̀ ọ́n. Ká gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ká má bá a ṣírò rẹ̀.

Lórí ìkẹta yìí, ẹjọ́ àtijọ́ kan wà tí kò tíì kú títí dòní, ilé ẹjọ́ tiwa náà sì ń tọ́ka sí i: ẹjọ́ Hadley àti Baxendale, ọdún 1854. Ọ̀pá irin ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń lọ ọkà ní Gloucester dá. Wọ́n gbé e fún akẹ́rù kó gbé e lọ sí Greenwich, kí wọ́n lè wò ó rọ tuntun. Akẹ́rù pẹ́, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, àwọn olówó ẹ̀rọ ní kó san èrè tí àwọn kò rí. Ilé ẹjọ́ ní rárá. Pípẹ́ ọ̀pá irin kan kì í sábà dá ilé-iṣẹ́ dúró, nítorí ẹlòmíì á ti ní òmíràn nípamọ́, wọn kò sì jẹ́ kí akẹ́rù mọ̀ nígbà àdéhùn pé àwọn kò ní. Ohun tí àwọn méjèèjì lè rò tẹ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàdéhùn ni èyí tó pẹ́ máa san.

Ẹ wá fi wo Ìlọrin. Nígbà tí obìnrin náà ń ra aṣọ, ó sọ pé aṣọ ẹbí ni, ó sì sọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó wà nínú Wọ́ọ̀sáàpù, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ télọ̀, pé ó ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé owó á lé bí aṣọ bá pẹ́, Ọjọ́rú tí ọjà ti pẹ́ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Bí ímeèlì wa bá wí pé "a mọ̀ pé ẹ ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ télọ̀", ó máa dà bíi pé a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá wí pé "ẹ sọ fún wa lánàá", òótọ́ ló sọ, àánú rẹ̀ kò sì dín kù. Mo lo àkókò lórí gbólóhùn yẹn ju ti gbogbo ìyókù lọ.

Ohun tí a fi ránṣẹ́ nìyí. Yorùbá ni òun náà fi ń kọ̀wé sí ìsọ̀, Yorùbá la fi dá a lóhùn:

"Àkòrí: Aṣọ yín tí kò tíì dé, àti ohun tí a ń ṣe sí i

Ẹ káàsán, mà.

Ogójì aṣọ tí a ní yóò dé ọ̀dọ̀ yín ní Ọjọ́ Ajé kò tíì dé títí di ọ̀sán òní, Ọjọ́bọ̀. Àwa la dá ọjọ́ náà fún yín, ó sì ti kọjá. Ẹ má bínú. Ó tún yẹ kí a ti pè yín kí Ọjọ́ Ajé tó pé. A kò pè, ẹ̀yin lẹ pè wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì wá.

Ohun tí a mọ̀ nìyí. Aṣọ kúrò ní ìsọ̀ wa ní Sátidé dípò Ọjọ́bọ̀, nítorí kò tíì gbẹ. Akẹ́rù gbà á lọ́jọ́ náà, nọ́ńbà ìwé ẹrù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Wọ́n sọ fún wa láàárọ̀ yìí pé ó wà ní ibùdó wọn ní Ìbàdàn. A kò tíì mọ ohun tó dá a dúró níbẹ̀. A ti ní kí wọ́n kọ ọ́ fún wa.

Ohun tí a ń ṣe nìyí. A ti dá ₦18,000 owó ẹrù padà sí àkáǹtì yín lónìí. Láti òní, a ó máa pè yín ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, bí kò bá tilẹ̀ sí ìròyìn tuntun. A ti ń pa ogójì mìíràn láró. Bí aṣọ kò bá dé títí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ẹ lè ní kí awakọ̀ wa gbé ogójì yẹn wá bá yín, tàbí kí a dá ₦560,000 padà ní ọjọ́ kejì. Èyí tí ẹ bá fẹ́ ni a ó ṣe.

Ẹ sọ fún wa lánàá pé télọ̀ yín ti ń retí aṣọ. Bí ìdádúró yìí bá mú kí ẹ náwó kún owó, ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èmi fúnra mi ni n ó wò ó, n ó sì fún yín lésì láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Owó ẹrù tí a dá padà, a fi ṣe ìtọ́jú yín ni. Kò gba ẹ̀tọ́ kankan lọ́wọ́ yín, kò sì sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín wa."

Ìyá fi orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ "Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà". Ẹ̀ka wo, ní ìsọ̀ tí ènìyàn mẹ́ta wà?

Ẹ máa rí i pé ibì kan wà tí a ti fọwọ́ ara wa gba nǹkan: "ó yẹ kí a ti pè yín, a kò pè." Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún un ṣe é lásìkò, kó sì tètè sọ fún un bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá fẹ́ wà. Ìyẹn ni pé gbólóhùn yìí lè di ẹ̀rí lòdì sí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n fóònù obìnrin náà ti ní ẹ̀rí ọ̀hún tẹ́lẹ̀, ohun tí àìpè nìkan sì lè ná an kò pọ̀. Tí a bá yọ ọ́, lẹ́tà náà á kàn jẹ́ ìròyìn. A fi í sílẹ̀.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn náà nídìí. Àwọn kan máa ń kọ pé "bí ẹ bá gba owó yìí, ẹ kò ní ohun kankan lọ́rùn wa mọ́." Òfin 2018 yẹn kan náà kò gbà kí oníṣòwò fi àdéhùn gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ á kàn sọ owó ìtọ́jú di owó ìdẹ ni. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé a kò so owó ẹrù mọ́ ohunkóhun. A ti san án kí ímeèlì tó lọ.

Lẹ́tà kò lè tún gbogbo nǹkan ṣe o. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú tí obìnrin náà pè, ọmọ ìyá ti fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́ọ̀sáàpù, ó ti sọ pé "ẹ má ṣèyọnu, gbogbo ẹ̀ la máa san". Ímeèlì tó dára kò pa ohùn yẹn rẹ́. Ẹ má sì sọ pé kí ó pa á rẹ́ lórí fóònù. Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì, ẹ̀yin nìkan ló máa dà bí ẹni ń sá. Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe ni pé láti ìsinsìnyí, ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ìyẹn ìyá. Àwọn tó ní ìwé adójútòfò fún ẹrù tó wà lójú ọ̀nà tún ní ohun kan láti ṣọ́ra fún: ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ní kí ẹni tó ni í má gba ẹ̀bi, kó má sì ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹ ka tiyín kí ẹ tó kọ ìlà kan.

Aṣọ dé Ìlọrin ní ọ̀sán Ọjọ́rú yẹn, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìgbà tí a dá. Obìnrin náà gbà á. Lọ́jọ́ kejì, rìsíìtì télọ̀ dé: ₦1,500 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan nítorí ìkánjú, ₦60,000 lápapọ̀. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ di ìdúnàádúrà, nítorí pé obìnrin náà ń bèèrè owó kan pàtó, ìyá kò sì gbà pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Ìgbà yìí náà ni mo tó kọ ọ́ sókè lẹ́tà pé ohun tí a ń sọ níbẹ̀ kò pa ẹ̀tọ́ ẹ̀gbẹ́ kankan lára. Wọ́n parí rẹ̀ sí ₦30,000. Mo kọ ìlà mẹ́ta tí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí, pé ọ̀rọ̀ owó ìkánjú télọ̀ ti parí, láìsọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ó ku akẹ́rù. Ẹ̀yìn ìwé ẹrù ni àwọn akẹ́rù máa ń tẹ iye tí wọ́n gbà láti san sí, àti iye ọjọ́ tí ènìyàn ní láti fẹ̀sùn kàn wọ́n. Lẹ́tà tí a kọ sí wọn ti jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ti Ìlọrin, kò sì sí "ẹ má bínú" níbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gba ẹrù, ọjọ́ tí wọ́n ní yóò dé, ibi tí wọ́n ní ó wà, àti pé ìsọ̀ kò tíì yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ kankan. Mo fi lẹ́tà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí n tó fi wọ́n ránṣẹ́, mo sì yẹ ọjọ́ inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí a bá sọ fún obìnrin náà pé Sátidé ni aṣọ kúrò lọ́wọ́ wa, tí a wá sọ fún akẹ́rù pé Ọjọ́bọ̀ ni, ẹnikẹ́ni tó bá rí méjèèjì kò ní gba èyíkéyìí gbọ́.